Ọ̀wẹ̀nà méjì ló wà: ibi tó yẹ kí ẹni tó wọ ọkọ̀ àṣìwọ̀ ti yí padà

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ lọ kí ìyá mi àgbà ní Ọ̀wẹ̀nà tó wà lójú ọ̀nà Oǹdó. Ní Àkúrẹ́, mo gbọ́ tí kọ́ndọ́ ń pè "Ọ̀wẹ̀nà! Ọ̀wẹ̀nà!", mo bá wọlé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ti lù, a sì ti kọjá Ìlárá, kí n tó mọ̀ pé ọ̀nà Iléṣà la wà. Mo pariwo, dírẹ́bà já mi sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín igbó, mo sì dúró pẹ́ kí ọkọ̀ kankan tó dá mi lóhùn. Ibo gan-an ló yẹ kí n ti yí padà?*

Ìgbàrà-Òkè ni, àbúrò mi. Ó yẹ kí o jókòó sínú mọ́tò náà títí ẹ ó fi dé Ìgbàrà-Òkè, kí o wá ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ padà sí Àkúrẹ́. Mo mọ̀ pé ẹni tó ti ṣìnà kì í fẹ́ gbọ́ pé kó tún máa lọ síwájú. Gbogbo ara ni yóò máa sọ fún un pé kó bọ́ọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀nà má baà jìn sí i. Ṣùgbọ́n mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wa ọkọ̀ èrò láàárín Àkúrẹ́, Oǹdó àti Iléṣà, ohun tí mo sì rí ni pé kì í ṣe bí ibi tí o sọ̀ sí ṣe súnmọ́ tó ló ń sọ ìgbà tí wàá délé. Ohun tó ń sọ ọ́ ni bóyá ọkọ̀ tó ń padà bọ̀ máa ń dúró níbẹ̀, àti bóyá àyè máa wà nínú rẹ̀ fún ọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbèjà kọ́ndọ́ yẹn, nítorí kò purọ́. Odò Ọ̀wẹ̀nà gba abẹ́ ọ̀nà méjèèjì kọjá, orúkọ odò náà ni wọ́n sì fi ń pe ìlú tó wà létí rẹ̀ ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan wà lójú ọ̀nà Iléṣà, bí èèyàn bá ti kọjá Ìgbàrà-Òkè díẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìyẹn, Ọ̀wẹ̀nà-Ìjẹ̀ṣà là ń pè é. Èkejì wà lójú ọ̀nà Oǹdó, lẹ́yìn Apọnmù, kí èèyàn tó dé Bọ́lọ́rundúró. Èyí ni ti ìyá àgbà rẹ. Kọ́ndọ́ tó ń kó èrò Iléṣà á pe Ọ̀wẹ̀nà, á pe Ìpetu, á wá pe Iléṣà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà ní Ọ̀wẹ̀nà, orúkọ ìyẹn nìkan ni etí rẹ̀ máa mú. Kì í ṣe ìwọ nìkan ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn àlejò tó ń wá síbi ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó ni ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù, torí ìwé ìpè máa ń kọ "Ọ̀wẹ̀nà" lásán láìsọ ọ̀nà tó wà.

Wàyí o, kí ló dé tí ọkọ̀ kò fi dá ọ lóhùn níbi tí o sọ̀ sí? Ìdí méjì ni. Èkínní ni pé bọ́ọ̀sì tó ń ti Iléṣà bọ̀ kì í kúrò ní gáréèjì àfi tó bá kún. Bó ṣe kún nílẹ̀ náà ló máa ń kún kọjá lọ́dọ̀ rẹ, àyè kì í ṣí nínú rẹ̀ àfi níbi tí èrò bá ti ń bọ́ọ́lẹ̀. Níbo ni èrò ti ń bọ́ọ́lẹ̀? Ní ìlú, ní ìkóríta, ní ẹnu ọjà, ní ẹnu géètì ilé-ẹ̀kọ́. Láàárín ìlú kan sí ìkejì, kò sẹ́ni tó ń bọ́ọ́lẹ̀, nítorí náà kò sí àyè tó ń ṣí.

Ìdí kejì ni ẹ̀rù. Dírẹ́bà tí àyè bá tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ kò ní fẹ́ dúró fún ẹnì kan tó dá dúró sẹ́bàá igbó, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Ó ti gbọ́ ìtàn àwọn tó ń fi obìnrin kan síwájú láti dá ọkọ̀ dúró, kí àwọn tó kù lè jáde láti inú igbó. Kò mọ̀ ọ́, kò sì ní àyè láti wádìí ẹni tó o jẹ́. Àwa dírẹ́bà máa ń sọ ọ́ fún ara wa pé ìlú ni kí á ti gbé èrò, kì í ṣe igbó. Ìwọ náà, tí o dá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù, o wà nínú ewu tó ju ti ẹni tó kàn ṣìnà lọ. Ohun tó dùn mí jù nínú ohun tí o kọ nìyẹn. Kò yẹ kí dírẹ́bà náà gbà láti já ọ síbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, mo máa sọ fún ọ pé kí o fara balẹ̀ dé ìlú tó kàn.

Ìgbàrà-Òkè wá yàtọ̀, torí ìlú ńlá ni. Òun ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ̀. Àwọn takisí àti bọ́ọ̀sì kéékèèké wà tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n kó èrò láti ibẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́, kí wọ́n tún kó èrò padà. Irú ọkọ̀ yìí ni kí o máa wá nígbàkígbà tí o bá ṣìnà: ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀ níbi tí o dúró sí, tí kì í ṣe pé ó kàn ń kọjá. Òfo ló wà nígbà tí o dé ibẹ̀, ìwọ pẹ̀lú àwọn èrò yòókù lẹ ó jọ kún inú rẹ̀. O ò ní na ọwọ́ sí ọkọ̀ tó ń sáré, o ò sì ní bẹ ẹnikẹ́ni. Wàá jókòó, wàá sanwó, wọ́n á sì gbéra.

Jẹ́ kí á wá tọ ọ̀nà yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, kí o lè mọ ohun tí wàá ṣe níbikíbi tí ojú bá ti là ọ́.

Bó bá jẹ́ pé ẹnu géètì Fútà lo ti fura, ibẹ̀ ni kí o sọ̀. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ náà wà lójú ọ̀nà Iléṣà, ẹni tó ń lọ sí Oǹdó kì í gba ẹnu géètì rẹ̀ kọjá. Torí náà, àmì tó dára jù lọ tí o ní nìyẹn, ó sì tètè ń yọjú: bí o bá ń lọ sí Oǹdó, tí o sì rí géètì Fútà àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọdá títì, má ṣe rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ tó ń lọ sí àárín Àkúrẹ́ kì í wọ́n níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di alẹ́, àṣìṣe náà ò sì ní ná ọ ju owó takisí ìgboro lọ.

Bó bá jẹ́ Ìbúlé lo ti mọ̀, ìyẹn ìlú tó tẹ̀ lé e, o ṣì lè sọ̀ níbẹ̀ bó bá jẹ́ ojúmọmọ, torí ìgboro Àkúrẹ́ ti ń nà dé ọ̀dọ̀ wọn. Bákan náà ni Ìlárá-Mọ̀kín. Ọkọ̀ tó ń ti ibẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́ wà, yunifásítì tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ kí èrò máa lọ, kí ó máa bọ̀. Ṣùgbọ́n inú ìlú Ìlárá tàbí ibi tí àwọn ọlọ́kọ̀ rẹ̀ ń dúró sí ni mò ń sọ o. Bí ìlú bá ti wà lẹ́yìn rẹ, kódà bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń wo òrùlé rẹ̀ láti ojú fèrèsé, ó ti tán nìyẹn. Má sọ pé wàá fẹsẹ̀ rìn padà. Ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ, ọkọ̀ ń sáré lójú ọ̀nà yẹn, etí títì kò sì fẹ̀ níbi gbogbo. Máa lọ sí Ìgbàrà-Òkè. Láti Ìlárá sí ibẹ̀ kò pẹ́ rárá bí ọlọ́pàá kò bá dá yín dúró.

Bó bá sì jẹ́ pé o sùn lọ, tó jẹ́ ìgbà tí kọ́ndọ́ ké pé "Ọ̀wẹ̀nà wà!" lo tó lajú, o ti dé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìyẹn. O lè sọ̀ níbẹ̀, torí àwọn èèyàn wà, ọkọ̀ sì máa ń dúró. Kàn béèrè ọkọ̀ Ìgbàrà-Òkè, má dúró de ti Àkúrẹ́ nìkan, torí láti Ìgbàrà-Òkè wàá rí òmíràn kíákíá. Bí o bá tún kọjá ibẹ̀, Ìkéjì-Arákéjì ló kàn, níbi tí Yunifásítì Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá wà. Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ló tẹ̀ lé e.

Ní Ìpetu ni mo ti fẹ́ kí o ṣọ́ra fún ìmọ̀ràn kan. Ẹnì kan lè sọ fún ọ níbẹ̀ pé kí lo tún fẹ́ padà sí Àkúrẹ́ ṣe, ṣebí ọ̀nà kan wà láti Ìpetu tó gba Ilé-Olújìí já sí Oǹdó. Òtítọ́ ni, ọ̀nà náà wà. Lórí àwòrán ilẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó mọ́gbọ́n wá. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò pọ̀ lójú ọ̀nà náà bí ó ṣe pọ̀ lójú ọ̀nà Àkúrẹ́, o lè jókòó pẹ́ kí ọ̀kan tó kún. Nígbà tí o bá sì dé Oǹdó, o ò tíì dé ibi tí ò ń lọ: o ṣì máa wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́, kí o gba Bọ́lọ́rundúró kọjá, kí o tó dé Ọ̀wẹ̀nà ìyá rẹ. Ẹni tó ń lọ sí Ilé-Olújìí tàbí Oǹdó gan-an lè rò ó wò láàárọ̀. Fún ẹni tó ń lọ sí Ọ̀wẹ̀nà, Àkúrẹ́ ni kó padà sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa sọ nípa ọlọ́kadà tó bá ní òun mọ ọ̀nà àbùjá láti inú oko kan sí òmíràn, pé odò kan náà ṣáà ni. Ọ̀nà oko kòkó lè já síbikíbi, ó sì lè má já síbì kankan. Má gùn ún.

Ó ku ọ̀rọ̀ aago. Lọ́jọ́ tìrẹ yẹn, ká ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 10 lo rí i pé o ti ṣìnà, lẹ́yìn Ìlárá. Ká sọ pé o dé Ìgbàrà-Òkè ní aago 4 àbọ̀ ó dín díẹ̀. Fi ogún ìṣẹ́jú sílẹ̀ kí takisí tó kún, fi bí ìṣẹ́jú 40 sílẹ̀ fún ìrìn padà sí Àkúrẹ́ àti sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó máa ń wà lẹ́bàá Fútà nírọ̀lẹ́, aago 5 àbọ̀ ti ń lù. O ṣì máa wá ọkọ̀ Oǹdó, ìyẹn náà ṣì máa kún kó tó gbéra. Láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 45, Ọ̀wẹ̀nà sì wà láàárín méjèèjì. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, wàá sọ̀ ní Ọ̀wẹ̀nà bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Bí taya kan bá fi jò, òru ti dé bá ọ lójú ọ̀nà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí èèyàn wo aago ní ibi tó ti yí padà, kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí o bá kúrò ní Ìgbàrà-Òkè kí aago 4 tó lù, máa bá ìrìn rẹ lọ sí Ọ̀wẹ̀nà. Bó bá ti kọjá aago 4 àbọ̀, padà sí Àkúrẹ́ kí o sùn síbẹ̀, kí o pe ìyá àgbà pé ọ̀la lò ń bọ̀. Èmi ò fẹ́ràn kí obìnrin kan pẹ̀lú ẹrù máa dúró de ọkọ̀ ní alẹ́ lójú ọ̀nà Oǹdó, torí igbó pọ̀ láàárín Apọnmù sí Ọ̀wẹ̀nà, ìròyìn ajínigbé sì ti jáde láti àgbègbè náà rí. Bó bá sì jẹ́ pé òru ti ṣú tán nígbà tí o mọ̀ pé o ti ṣìnà, tí o sì ti kọjá Ìgbàrà-Òkè, má sọ̀ ní ìlú kékeré kankan. Bá ọkọ̀ náà dé Iléṣà, ìlú ńlá tó ní iná, tó ní ilé ìtura, kí o padà láàárọ̀. Owó á bá a lọ, àmọ́ wàá sùn ní àlàáfíà.

Bí o ṣe máa sọ ọ́ fún dírẹ́bà náà ṣe pàtàkì. Ariwo máa ń dá ẹ̀rù ba àwọn èrò, dírẹ́bà á sì fẹ́ kí o bọ́ọ́lẹ̀ kíákíá kí ọkàn oníkálukú lè balẹ̀. Ìyẹn ló fà á tó fi já ọ sínú igbó. Rọra sọ fún kọ́ndọ́, tàbí fún dírẹ́bà fúnra rẹ̀ bí kò bá ní kọ́ndọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ọ̀wẹ̀nà ọ̀nà Oǹdó ni mò ń lọ, mo ti ṣì í wọ̀. Ẹ bá mi dúró ní Ìgbàrà-Òkè níbi tí wọ́n ti ń kó èrò Àkúrẹ́." Kì í ṣe Ìgbàrà-Òkè lásán o. Dárúkọ ibi tí wọ́n ti ń kó èrò, torí bí o bá dárúkọ ìlú nìkan, ẹ̀yìn ìlú ni ó lè já ọ sí. Èrò tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ yóò sì gbọ́, wọ́n á máa bá ọ ṣọ́ ọ. Mo ti rí i tí ìyá kan nínú ọkọ̀ mi fa ọmọdébìnrin kan tó ṣìnà lọ́wọ́, tó mú un dé ìdí takisí Àkúrẹ́ kó tó gba ilé rẹ̀ lọ.

Bí ẹrù rẹ bá wà ní búùtù, sọ ọ́ nígbà kan náà, má dúró di ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró. Ẹrù ẹni tó ń lọ sí Iléṣà lè wà lórí tìrẹ, kọ́ndọ́ á ní láti tú u. Ka iye rẹ̀ kí ilẹ̀kùn búùtù tó padé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú ló máa ń gbàgbé nǹkan, mo sì ti gbé àpò gààrí àti báàgì aṣọ padà sí gáréèjì rí nítorí ẹni tó fi ìkánjú sọ̀.

Ní ti owó, bó bá jẹ́ pé gáréèjì lo ti wọlé, o ti san owó dé ibi tí o dá fún wọn, dírẹ́bà sì ti yọ owó ẹgbẹ́ awakọ̀ nínú rẹ̀ kó tó gbéra. O lè fi sùúrù béèrè ìyókù, pàápàá bí èrò mìíràn bá wọlé sórí àga rẹ ní Ìgbàrà-Òkè. Ẹlòmíràn á fún ọ ní díẹ̀. Bí ó bá kọ̀, fi sílẹ̀. Má jẹ́ kí ìjà owó náà jẹ àkókò tí o fi ń wá ọkọ̀. Ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn rẹ ni owó ọkọ̀ méjì tó kù: ti Ìgbàrà-Òkè sí Àkúrẹ́, àti ti Àkúrẹ́ sí Ọ̀wẹ̀nà. Bí owó ọwọ́ rẹ kò bá tó méjèèjì, pe ilé kí o tó kúrò ní Ìgbàrà-Òkè, níbi tí oní-POS wà, kí wọ́n lè fi owó ránṣẹ́ sí ọ.

Nígbà tí o bá ń padà wọ Àkúrẹ́, sọ fún dírẹ́bà takisí náà pé ọ̀nà Oǹdó lò ń lọ. Ó mọ ibi tó máa já ọ sí kí o má baà bá a wọnú ọjà Ọba, kí o tún máa wá ọ̀nà jáde padà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń fi wákàtí kan ṣòfò lẹ́yìn tí wọ́n ti yanjú èyí tó le jù.

Fóònù náà wúlò bí o bá mọ ohun tí o máa wò. Ṣí Google Maps bí ọkọ̀ bá ti kúrò ní gáréèjì, kí o sì rí i pé àríwá wà lókè. Àmì róbótó aláwọ̀ búlúù tó ń fi ibi tí o wà hàn, bó bá ń lọ sí apá òsì tó sì ń gòkè, ọ̀nà Iléṣà lo wà. Bó bá ń lọ sí apá òsì tó sì ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀nà Oǹdó nìyẹn. Má kàn tẹ "Owena" sí i kí o sì gba èyí tó bá kọ́kọ́ gbé jáde. Wo ìpínlẹ̀ tí wọ́n kọ sí abẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ Ọ̀ṣun, kì í ṣe ti ìyá rẹ.

Ẹni tí tirẹ̀ bá yí padà, tó ń lọ sí Ọ̀wẹ̀nà-Ìjẹ̀ṣà tó wá bá ara rẹ̀ lójú ọ̀nà Oǹdó, kò ní Fútà tó máa kìlọ̀ fún un. Apọnmù ni àmì tirẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀sán, tó sì rí èèyàn tó ń dúró de ọkọ̀ Àkúrẹ́, ó lè sọ̀ níbẹ̀. Bí kò bá rí, kó bá ọkọ̀ dé Ọ̀wẹ̀nà tó wà níwájú, torí ọkọ̀ máa ń dúró níbẹ̀ ju Apọnmù lọ.

Bí o bá tún ń lọ, má bi kọ́ndọ́ pé "Ṣé ẹ̀ ń dé Ọ̀wẹ̀nà?", torí bẹ́ẹ̀ ni ló máa dá ọ lóhùn ní ọ̀nà méjèèjì. Bi í pé, "Ìlú wo lẹ ó gbà kọjá kí ẹ tó dé Ọ̀wẹ̀nà?" Bó bá ní Apọnmù, wọlé. Bó bá ní Ìgbàrà-Òkè, dúró de ọkọ̀ mìíràn.